Ẹ̀dà Káàdì àti Ìwé Ẹ̀rí ní Ìwọ̀n Wọn Gan-an: Gíláàsì, Bọ́tìnì Káàdì, Kọ̀ǹpútà tàbí Fóònù, Èwo Ni Kí Ẹ Lò?

Màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n gbé fáìlì lé orí káńtà, wọ́n sì jókòó kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọ́fíìsì kan ló dá ẹ̀dà láísẹ́ńsì ìwakọ̀ ọmọ wọn padà. Wọ́n ní ó kéré ju káàdì fúnra rẹ̀ lọ, pé ẹ̀dà tó bá káàdì dọ́gba ni àwọn fẹ́. Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣebí fọ́tòkọ́pì ni fọ́tòkọ́pì?" Mo mú rúlà, mo wọn ẹ̀dà náà lójú wọn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 80 ààbọ̀. Mo wọn káàdì: mìlímítà 85 ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, ẹ̀rọ ti dín in kù sí 94%. Ọmọ yín kò mọ̀, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fún un náà lè má mọ̀."

Bí ẹ̀rọ ṣe ń dín nǹkan kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó yan ọ̀nà tí ẹ ó fi ṣe ẹ̀dà. Ọ̀nà márùn-ún ló wà tí àwọn ènìyàn ń gbà ṣe é: kí a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kí a sì fi ìwọ̀n sí 100%, kí a tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ṣe fún káàdì, kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ fa ìwé náà wọlé fúnra rẹ̀, kí a síkáànù rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ká tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tàbí kí a fi fóònù yà á. Ibi tí ìwọ̀n ti lè sọnù wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmọ́ kì í ṣe ibì kan náà.

Ohun tí mo fi ń ṣe ìdájọ́

Èkíní ni ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Láísẹ́ńsì ìwakọ̀, káàdì ìdìbò àti káàdì ATM, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, nítorí ìlànà kan ni gbogbo ayé fi ń ṣe wọn: mìlímítà 85.6 ní gígùn àti 54 ní ìbú. Èyí wúlò gan-an fún ẹni tí kò ní rúlà lọ́wọ́. Ẹ kàn mú káàdì ATM yín jáde nínú àpamọ́wọ́, kí ẹ gbé e lé orí ẹ̀dà náà. Bí etí ẹ̀dà bá yọ síta yípo, ó ti fẹ̀ jù. Bí káàdì bá bo etí ẹ̀dà mọ́lẹ̀, ó ti kéré. Ojú ewé kan nínú ìwé ìrìnnà náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, 125 sí 88. Ní ti ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, kò sí ìwọ̀n kan pàtó, ẹni tó ṣe é ló yàn án. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ wọ̀n.

Èkejì ni etí: ṣé gbogbo rẹ̀ ló jáde, àbí òǹtẹ̀ tó wà ní igun ti kù sínú ẹ̀rọ? Ẹ̀kẹta ni ewu tó wà fún ojúlówó, pàápàá ìwé tí a kò lè rí òmíràn gbà ní ìrọ̀rùn. Ẹ̀kẹrin ni owó àti àsìkò, èyí tí mo fi sí ìkẹyìn torí pé owó ẹ̀dà kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ọkọ̀ ẹni tí wọ́n dá padà láti ọ́fíìsì.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò kan wà tí mo máa ń ṣe fún ẹ̀rọ èyíkéyìí tí n kò mọ̀. Mo máa ń tẹ́ rúlà oníke tó mọ́ gaara, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, sórí gíláàsì, màá sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní 100%. Lẹ́yìn náà màá gbé rúlà náà lé orí ẹ̀dà rẹ̀, kí ìlà ó kan ìlà. Ibi tí ìlà 20 bá bọ́ sí ni yóò sọ òótọ́ fún mi. Màá tún yí i sí òdìkejì, nítorí ẹ̀rọ mìíràn péye ní ìbú ṣùgbọ́n tí kò péye ní gígùn, níbi tí bébà ti ń rìn lọ. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 1%, kò ní hàn lójú lára káàdì, torí kò tó mìlímítà kan. Lára ìwé ẹ̀rí tó gùn tó A4, 1% náà yóò di mìlímítà mẹ́ta, èyí sì tó láti gé ìlà ẹ̀gbẹ́ kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi lè ṣe káàdì dáadáa kó sì ba ìwé ẹ̀rí jẹ́ ní ọjọ́ kan náà.

Gíláàsì àti 100%

Èyí ni mo fọkàn tán jù, òun náà sì ni mo máa ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ kí n tó fi ohunkóhun mìíràn hàn án. Ohun tí ẹ fi sílẹ̀ kò ní rìn, kò ní tẹ̀, kò sì sí rọ́là tí yóò fà á. Iná àti ojú ẹ̀rọ ni yóò kọjá lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó rọ̀ nu gíláàsì. Ẹ yọ káàdì kúrò nínú ike tí ẹ fi ń tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú ike, káàdì yóò ga kúrò lára gíláàsì díẹ̀, ìyẹn sì tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà ní ọ́fíìsì àti ilé lónìí, ojú wọn sún mọ́ gíláàsì tímọ́tímọ́, wọn kò sì rí ohun tó bá ga kúrò dáadáa: nọ́ńbà yóò di bàìbàì, ẹ̀gbẹ́ yóò sì ṣú. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ti ayé àtijọ́ tó ní lẹ́ǹsì máa ń rí ohun tó ga díẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń yà á kó kéré díẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ìyẹn ni ẹ máa ń rí lára ìwé ìrìnnà nítòsí ibi tí wọ́n ti rán an: ẹ̀gbẹ́ ìta mọ́, ẹ̀gbẹ́ inú ṣókùnkùn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ ìdérí mọ́ ìwé ìrìnnà jẹ́jẹ́ kó lè pẹlẹbẹ. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ o, gíláàsì tó bá ti sán kì í ṣe é tún lẹ̀.

Ibi tí púpọ̀ ti ń ṣìnà ni igun. Àmì ọfà kan wà ní igun gíláàsì tó ń sọ pé ibẹ̀ ni kí a gbé ìwé sí, òótọ́ sì ni fún ìwé ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í tẹ nǹkankan sí bíi mìlímítà mẹ́rin etí bébà. Bí ẹ bá gbá káàdì mọ́ igun pátápátá, etí rẹ̀ méjì yóò bọ́ sí inú àlà òfìfo yẹn, wọn kò sì ní jáde. Ẹ fà á síwájú, kó jìnnà sí igun bíi sẹ̀ǹtímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúró ní àárín bébà, ẹ gbé e sí ibi tí àárín A4 máa wà lórí gíláàsì náà.

Ní báyìí, ìwọ̀n. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni 100%. Ohun tí ẹ kò fẹ́ rí ni "Auto" tàbí "Fit to Page", nítorí méjèèjì ń fún ẹ̀rọ láṣẹ láti fẹ̀ ẹ́ tàbí dín in kù bó bá ṣe rí bébà. Àwọn nọ́ńbà mìíràn wà tí wọ́n ti tò sínú ẹ̀rọ: 97% ni wọ́n ṣe fún Letter, ìyẹn bébà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, tó ń lọ sí A4, 94% fún A4 tó ń lọ sí Letter, 91% fún ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ojú ewé wọ àárín àlà òfìfo. Ẹni tó lo ẹ̀rọ kẹ́yìn lè ti fi ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ léraléra: oníbàárà kan ní kí wọ́n dín ìwé kù, ẹni tó tẹ̀lé e gba ẹ̀dà tó dín kù láìbéèrè.

Nítorí náà, tí ẹ̀dà bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè fi rúlà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Káàdì tó jáde ní nǹkan bíi mìlímítà 83 ti gba 97%. Èyí tó jẹ́ 80 ààbọ̀ ti gba 94%. Èyí tó jẹ́ 78 ti gba 91%. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi 103% tàbí 106% tún un ṣe. Ẹ wá ètò náà rí, kí ẹ mú un padà sí 100%. Fífi àṣìṣe kan tún òmíràn ṣe máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀dà kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ẹ ó gbàgbé pé ẹ ṣe é.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ojú kan ni yóò jáde lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀dà káàdì ló fẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn lórí bébà kan. Bí ẹ̀rọ kò bá ní bọ́tìnì káàdì, ẹ lè dá bébà náà padà sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn ojú kìíní, kí ẹ sún káàdì lọ sí ìsàlẹ̀ gíláàsì, kí ẹ wá ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa X sí igun bébà òfìfo kan kí ẹ fi dán an wò ná, kí ẹ mọ ojú tí ẹ̀rọ ń tẹ nǹkan sí àti apá tó ń kọ́kọ́ wọlé. Bébà tó ti gba iná ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀kan máa ń ká, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Bọ́tìnì tí wọ́n ṣe fún káàdì

Lára ẹ̀rọ púpọ̀ ẹ ó rí bọ́tìnì tí wọ́n kọ "ID Copy" tàbí "ID Card Copy" sí, ẹlòmíràn "2 in 1 (ID)". Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ tẹ́ iwájú káàdì, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yóò dúró, yóò ní kí ẹ yí i padà. Ẹ yí i, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, méjèèjì yóò sì jáde lórí bébà kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Owó bébà kan ni, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni, ojúlówó kò sì wọ inú ewu kankan.

Ohun tó ń ṣe nínú ni pé ó ń ka ìdajì gíláàsì péré, ìdajì bébà kan sì ni ojú kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìdí nìyẹn tí ibi tí ẹ gbé káàdì sí fi ṣe pàtàkì níbí ju ti ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ. Ẹ wo àwòrán káàdì kékeré tí wọ́n sábà máa ń yà sí ara ẹ̀rọ tàbí tó máa ń hàn lójú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sí ibẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ní etí. Nígbà tí ẹ bá yí i padà, ibì kan náà ni kí ó padà sí. Ìwé ìrìnnà tó ṣí sílẹ̀ náà wọ ìdajì A4 náà, nítorí náà ẹ lè fi bọ́tìnì yìí ṣe ojú ewé tí àwòrán yín wà àti ojú ewé físà pọ̀ sórí bébà kan.

Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní 100% láti ilẹ̀, síbẹ̀ ẹ fi ATM yín wọn ẹ̀dà àkọ́kọ́. Bí àwọn tó ni ẹ̀rọ bá ti yí ìwọ̀n padà sínú rẹ̀, tàbí tí ẹ̀rọ náà gbà gbọ́ pé Letter ni bébà tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ ó rí i. Ní tòótọ́, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí kó lò fún káàdì nìkan, bọ́tìnì yìí ni.

Ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa ìwé wọlé

Ẹ má fi káàdì sí i. Ẹ má fi ohun tí wọ́n ti láminéètì sí i. Ẹ má fi ìwé ẹ̀rí ojúlówó sí i, bó ti wù kó rọ̀ tó. Rọ́là ló ń fà á, rọ́là tó bá ti gbó sì lè fà á ní wíwọ́, kó rún un, tàbí kó mú un dúró láàárín. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n yọ jáde nínú ẹ̀rọ tó ti ṣẹ́ po bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀nà láti gba òmíràn sì gùn. Kódà nígbà tí kò rún un, gígùn ẹ̀dà tó ti ibẹ̀ jáde lè yàtọ̀ sí ti gíláàsì, torí yíyí rọ́là ló ń pinnu rẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ fẹ́ sọ di ẹ̀dà ogún, ìyẹn nìkan ni ọ̀nà yìí dára fún.

Síkáànù sórí kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú fáìlì, tó sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tó bá nílò rẹ̀, láìmú ojúlówó jáde mọ́. Ó tún dára fún ẹni tí ọ́fíìsì tó ń béèrè wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tó fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ibi méjì ni ìwọ̀n ti lè sọnù: nígbà tí a ń fi fáìlì pamọ́, àti nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ tẹ́ káàdì sórí gíláàsì bí mo ti ṣàlàyé, ẹ sì síkáànù rẹ̀ ní 300 dpi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yóò ka àmì kékeré 300 nínú íǹṣì kan. Káàdì tí ẹ bá gé etí rẹ̀ dáadáa yóò jẹ́ nǹkan bíi 1011 sí 638 ní píkísẹ́lì. Tí ẹ bá fi í pamọ́ ní PDF, fáìlì náà yóò rántí ìwọ̀n rẹ̀. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lórí WhatsApp, yóò fún un pọ̀, ẹni tó gbà á kò sì ní mọ̀ mọ́ pé mìlímítà 85.6 ni. Ẹ fi ránṣẹ́ bí "Document", kò ní bà á jẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde ni ìṣòro màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ọmọ wọn ti síkáànù láísẹ́ńsì rẹ̀ dáadáa sórí ojú ewé A4. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó lò jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ètò inú rẹ̀ sì ṣì wà lórí Letter, bébà tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò. Letter kúrú ju A4 lọ: 279 ni gígùn rẹ̀, A4 jẹ́ 297. "Fit" ni wọ́n yàn níbi ìtẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà wò ó pé A4 kò wọ Letter, ó sì dín gbogbo ojú ewé kù títí tó fi wọ̀. 279 nínú 297 jẹ́ 94%, bí káàdì mìlímítà 85.6 ṣe di 80 ààbọ̀ nìyẹn. Bébà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ jẹ́ A4 ní gbogbo àsìkò yìí, nítorí náà kò sí ẹni tó fura.

Mo ṣí fáìlì ọmọ náà nínú Adobe Reader, mo yí bébà padà sí A4, mo sì yan "Actual size" dípò "Fit". Mo tẹ̀ ẹ́. Mo gbé ATM mi lé orí rẹ̀, etí bá etí. Màmá gba rúlà lọ́wọ́ mi, àwọn fúnra wọn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó san owó, inú mi sì dùn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Adobe Reader náà ẹ ó rí "Shrink oversized pages", ẹ má yàn án. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde bí àwòrán láti inú Windows, nítorí ó lè na káàdì yín kó lè kún ojú ewé.

Fóònù

Fóònù ni ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, òun náà ni kò mọ ìwọ̀n rárá. Kámẹ́rà kò lè sọ bóyá ohun tó ń wò jẹ́ káàdì tàbí pátákó ìpolówó. Áàpù tó ń gé etí ìwé yóò gé káàdì, yóò sì sábà nà án títí yóò fi kún A4. Bí ẹ bá tẹ ìyẹn jáde, káàdì yín yóò tóbi ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ó ṣe é tún ṣe, ó kéré tán fún káàdì, nítorí a mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ yà á láti òkè tààrà, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ta sí i. Ẹ má sún mọ́ ọn jù. Ẹ jìnnà díẹ̀, kí ẹ wá gé e sí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ gbé àwòrán náà sínú Word, ẹ lọ sí "Picture Format", kí ẹ sì kọ 8.56 cm sí "Width". Ẹ jẹ́ kí "Lock aspect ratio" wà bó ṣe wà. Ẹ wá wo "Height". Bó bá jẹ́ 5.4 cm, ẹ yà á dáadáa. Bó bá jẹ́ 5.1 tàbí 5.7, fóònù yín ti dagun nígbà tí ẹ ń yà á, tàbí ẹ kò gé etí rẹ̀ dáadáa. Ẹ padà lọ yà á. Ẹ má fi ọwọ́ nà án sí 5.4, nítorí ojú inú àwòrán yóò yí, lẹ́tà apá kan yóò sì sanra ju ti apá kejì lọ.

Fún ìwé ẹ̀rí, n kò gba fóònù níyànjú. Ìwé ńlá máa ń tẹ̀ díẹ̀ láàárín, kámẹ́rà sì máa ń rí ìtẹ̀ náà ju bí ojú wa ṣe rí i lọ.

Ìwé ẹ̀rí tó gba gbogbo A4

Ibi yìí ni 100% nìkan kò ti tó. Bí ìwé ẹ̀rí yín bá jẹ́ 210 sí 297, tí ìlà ọ̀ṣọ́ rẹ̀ sì wà ní mìlímítà mẹ́ta sí etí, kò sí bí A4 ṣe lè gba gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n gan-an, torí àlà òfìfo tí ẹ̀rọ kì í tẹ nǹkan sí jẹ́ bíi mẹ́rin. Ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Ẹ lè dín in kù sí 95% kí gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ lè fi í sí 100% kí ìlà ọ̀ṣọ́ pàdánù ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí méjì. Tàbí kí ẹ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ A3 wà, èyí tó ń lo bébà tó tóbi tó A4 méjì, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí gíláàsì rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A3 ní 100%. Owó A3 pọ̀ ju ti A4 lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ló fún yín ní ìwọ̀n àti etí pọ̀. Kí ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ pé kó yan A3 kó sì fi ìwọ̀n sí 100%, nítorí bí ẹ̀rọ bá wà lórí "Auto", yóò rò pé ẹ fẹ́ kí A4 di A3, yóò sì fẹ̀ ẹ́ sí 141%.

Àwọn kan máa ń ní kí a lo ẹ̀rọ oní-íńkì tó ń tẹ̀ dé etí bébà. Ó ń dé etí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi ń dé ibẹ̀ ni pé ó fẹ àwòrán díẹ̀ kó lè kọjá etí. Etí kún, ìwọ̀n ti lọ. Ẹ yẹra fún un níbi tí ìwọ̀n ti ṣe pàtàkì.

Bí kò bá sí A3 nítòsí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó fẹ́ ẹ̀dà náà èwo nínú méjì ni wọ́n fẹ́: gbogbo etí, tàbí ìwọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn á ní etí, torí nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nígbà náà 95% kò burú.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ní káàdì kan, tó sì fẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn kíákíá, kó wá ẹ̀rọ tó ní "ID Copy", kó sì fi ATM rẹ̀ wọn ohun tó jáde kó tó kúrò nídìí káńtà. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tàbí ìwé tó kéré sí A4 díẹ̀, gíláàsì àti 100% ni tirẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ní ọ̀ṣọ́ títí dé etí, kó wá A3. Ẹni tó mọ̀ pé òun yóò nílò ẹ̀dà náà nígbà mẹ́wàá lọ́dún yìí, kó síkáànù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí PDF, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú "Actual size". Fóònù jẹ́ ti ẹni tó wà ní abúlé tàbí lójú ọ̀nà, tí kò sí gíláàsì nítòsí rẹ̀, tó sì jẹ́ káàdì ló ní.

Fún àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà ibẹ̀ fún ọmọ: ẹ̀dà tí wọ́n ń béèrè gbọ́dọ̀ wà lórí bébà funfun Letter, ojú kan ṣoṣo, ní dúdú àti funfun. Wọ́n gbà kí a fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí a dín in kù. Nítorí náà, 97% tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan lè jẹ́ ìdí tí wọ́n fi dá ìwé yín padà. Gíláàsì àti 100% ló bọ́gbọ́n mu jù níbẹ̀.

Bí ibi tí ẹ ń lọ bá sì ní ẹ̀dà tí ìjọba fọwọ́ sí ni àwọn fẹ́, kò sí ìkankan nínú àwọn ọ̀nà yìí tó lè fún yín. Nínú òfin ẹ̀rí Nàìjíríà ti 2011, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dà pé òótọ́ ni, lẹ́yìn tí ẹ bá san owó rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀dà bá ti bá ojúlówó dọ́gba tán, ẹ fi báírò kọ ohun tí ẹ ṣe é fún sí orí rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, kí ìkọ̀wé náà kọjá lórí káàdì díẹ̀ láìbo nọ́ńbà tàbí ojú. Ẹ má gé e jáde ní ìwọ̀n káàdì, ẹ má sì láminéètì rẹ̀. Mo máa ń kọ̀ fún àwọn tó bá bẹ̀ mí pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó bá jáde láti ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà mọ́ lójú ọlọ́pàá.